Olú Àtẹ̀sun: Bí A Ṣe Kọ Ìkéde Oúnjẹ Aláìlẹ́ran Kan Lẹ́ẹ̀mejì

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ fún ilé oúnjẹ kan nìyí, mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀:

"Oúnjẹ tuntun ti dé o! Ẹ wá jẹ oúnjẹ aláìlẹ́ran wa, aládùn, aṣaralóore, tí ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀. Ó dùn débi pé ẹ ò tiẹ̀ ní rántí ẹran. Àrà ọ̀tọ̀ ni!"

Ọjọ́ Ẹtì ni a gbé e jáde pẹ̀lú àwòrán kan. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwo 4 péré ni wọ́n tà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ náà gan-an ló sì ra 2 nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Oúnjẹ yẹn dùn. Mo jẹ ẹ́ lánàá, mo tún bù sí i. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi bèèrè ẹ̀?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná."

Ohun kejì tí mo sọ yẹn ni ó yẹ kí n ti bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ oúnjẹ náà àti ọ̀rọ̀ kan pé kò ní ẹran. Mo jókòó sílé, mo sì kọ nípa ohun tí n kò gbóòórùn rẹ̀ rí. Ẹni tó bá tún ìkéde òkè yẹn kà yóò rí i pé kò sí ibi tí a ti dárúkọ ohun tó wà nínú àwo. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn tó tiẹ̀ béèrè rárá, ìbéèrè kan ni gbogbo wọn ń bi: "Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?" Tí èèyàn bá ní láti bi irú ìbéèrè yẹn lẹ́yìn tó ti ka ìkéde, ìkéde náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo wá gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Aládùn" kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Mo mú un, mo gbé e sórí búrẹ́dì, ó bá a mu. Mo gbé e sórí ẹja, ó bá a mu. Ọ̀rọ̀ tó bá lè jókòó sórí oúnjẹ gbogbo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ kankan, itọ́ kì í sì í dà lẹ́nu nítorí rẹ̀. "Àrà ọ̀tọ̀" náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni "ẹ ò tiẹ̀ ní rántí ẹran." Èmi ni mo rán wọn létí! Ẹni tí ebi ń pa, tí ó ń wo ohun tí yóò jẹ, mo gbé ẹran sí i níwájú, mo tún sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Àdánù ni ó rí kà, kò rí oúnjẹ.

Ní ti "aṣaralóore" àti "ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀," àwọn kan ti dán irú ọ̀rọ̀ yẹn wò tí wọ́n sì ka iye èèyàn tó tẹ̀ lé e. Ní Yunifásítì Sítáńfọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2016, Bradley Turnwald, Danielle Boles àti Alia Crum ń pààrọ̀ orúkọ ẹ̀fọ́ ní ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀fọ́ kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà sè é. Orúkọ tó wà lára àwo nìkan ló ń yí padà. Lọ́jọ́ kan wọn a dárúkọ ẹ̀fọ́ lásán. Lọ́jọ́ mìíràn wọn a sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀, bí ọ̀rá tàbí ṣúgà. Lọ́jọ́ mìíràn wọn a ní ó ń ṣe ara lóore, lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọn a fi ọ̀rọ̀ adùn àti ìgbádùn pè é. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ adùn pè é, àwọn tó mú un fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọjọ́ orúkọ lásán lọ, ó sì fi ìdá 41 ju ti ọjọ́ tí wọ́n sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, mo rí i pé nínú ìlà kan ṣoṣo, mo ti kó méjì jọ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó ń lé èèyàn sá.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, tó jáde lọ́dún 2019, ní yunifásítì mélòó kan pọ̀. Ibi tí oúnjẹ fúnra rẹ̀ ti dùn ni orúkọ adùn ti ṣiṣẹ́. Ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n sè, orúkọ náà kò rí nǹkan gbé. Nítorí náà, kí n tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kí n mọ̀ bóyá oúnjẹ yìí dùn lóòótọ́, kí n sì mọ ibi tí adùn náà ti ń wá.

Mo dé ilé ìdáná ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn alásè níbẹ̀ ti dàgbà, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Mo kí i, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wò yín bí ẹ ṣe ń sè é, mi ò ní dí yín lọ́wọ́." Ó ní, "Dúró sí ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Má fẹ̀yìn ti ààrò o."

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìkéde kejì ti wá.

Olú ni oúnjẹ náà, irú èyí tó máa ń hù ní ìdìpọ̀, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí etí. Màmá kò fi ọ̀bẹ gé e. Ọwọ́ ló fi ń ya á, ní ìdìpọ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ọ̀bẹ máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán, ojú tó dán kì í sì í pọ́n dáadáa. Ibi tí ọwọ́ bá ti ya á máa ń rí ṣágiṣàgi, àwọn orí ṣágiṣàgi wọ̀nyẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ gba iná. Ó gbé páànù irin tó wúwo kaná láìda òróró sí i, ó dúró títí ó fi gbóná gan-an, ó tó wá to olú sí i. Kò jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn.

Páànù náà ké "ṣàà!" Omi ni. Olú tútù, omi ló tó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, omi yẹn sì gbọ́dọ̀ jáde. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà ní ojú páànù, ooru ibẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá ti omi híhó, ìyẹn 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, oúnjẹ kì í sì í pọ́n ní ooru yẹn. Ó di ìwọ̀n 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọ̀ àti òórùn tí à ń fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kó olú jọ rẹpẹtẹ sínú páànù kékeré fi máa ń rí olú tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, aláwọ̀ eérú: ó bọ̀ ọ́ ni, kò sun ún.

Màmá gbé ìkòkò irin mìíràn tí ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gbé e lé olú náà lórí, ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. Omi tún ru jáde ní ẹ̀gbẹ́, ó hó, ó gbẹ. Ó wá fi etí sí páànù. Mo rò pé nǹkan kan ló ń wá. Ó ní, "Gbọ́." Ìró náà ti yí padà. "Ṣàà" ńlá ti àkọ́kọ́ ti rọlẹ̀, ohun tó kù ni ìró kéékèèké kan tó ń ta pá-pá-pá. Ó ní, "Omi ti tán nìyẹn. Ìsinsìnyí ló ń sun." Ìgbà yẹn ló tó da òróró sí i, tó fi bọ́tà díẹ̀ lé e, tó wọ́n iyọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ní apá kan, ó yí i padà, ìṣẹ́jú mẹ́rin ní apá kejì. Nígbà tó gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀, èéfín gùn, òórùn rẹ̀ sì ta sánsán kárí ilé. Òórùn ohun sísun ni, tí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò wà nínú rẹ̀. Etí olú náà ti pọ́n bí awọ igi, ó gan. Àárín rẹ̀ nípọn, ó ń dán.

Ìyókù oúnjẹ náà yára. Ẹ̀wà funfun tí wọ́n ti rẹ sómi láti alẹ́ ni wọ́n sè pẹ̀lú ááyù títí tí ahọ́n nìkan fi lè fọ́ ọ, wọ́n wá fi díẹ̀ nínú omi rẹ̀ àti òróró lọ̀ ọ́ títí ó fi kúná. Ọbẹ̀ tòmátì díẹ̀ máa ń yí i ká. Àlùbọ́sà tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì dín wà lókè, wọ́n á ha wàràkàṣì líle lé e, wọ́n á fi ìlàjì ọsàn kíkan sí ẹ̀gbẹ́ àwo.

Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Eyín mi kọ́kọ́ gbọ́ etí olú náà kí ahọ́n mi tó tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ni omi inú rẹ̀ jáde, ó gbóná, ó níyọ̀. Ẹ̀wà yẹn gbà á mọ́ra. Mo fún ọsàn sí i, gbogbo rẹ̀ sì là lẹ́nu mi. Mo yọ ìwé jáde, mo kọ ọ́ bí ó ṣe tẹ̀ léra gan-an: ìró, omi, ìmúlọ́múlọ́, ìkan. Títẹ̀léra yẹn ni mo padà lò.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo bi Màmá ní ìbéèrè kan tó dà mí láàmú díẹ̀ láti bi í, torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Mo ní, "Màmá, tí ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá bá jókòó síbí, ṣé gbogbo ohun tó wà nínú àwo yìí ló lè jẹ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, olú àti ẹ̀wà kọ́ ni? Mo ní kí a jọ lọ wo ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti wá. Ohun méjì ni a rí.

Àkọ́kọ́ ni wàràkàṣì. Pàmìjánò Rẹjánò ti ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ń lò, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ike tí wọ́n fi wé e. Òfin tó de ṣíṣe wàràkàṣì yẹn ni pé èròjà inú ikùn ọmọ màlúù ni kí wọ́n fi mú wàrà rẹ̀ dì. Wọ́n ti pa ẹran kí èròjà yẹn tó jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í jẹ ẹran mọ èyí, wọn kì í sì í fẹnu kàn án. Àwọn mìíràn kò mọ̀, ó sì máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá mọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Èkejì ni àlùbọ́sà. Inú òróró tí wọ́n fi ń dín ẹja ni wọ́n ti ń dín in.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àlùbọ́sà kò ṣòro. Ó yọ ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Wàràkàṣì ló ṣòro. A yọ ọ́ kúrò, a jẹ oúnjẹ náà láìsí i, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ. Kì í ṣe iyọ̀. Adùn jíjinlẹ̀ kan ni, èyí tó máa ń pẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn tí èèyàn ti gbé oúnjẹ mì. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Japan kan, Kikunae Ikeda, ló ṣàlàyé adùn yìí lọ́dún 1908, tó fi hàn pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní glútámétì ló ń mú un wá. Wàràkàṣì tó ti gbó kún fún un. Ṣùgbọ́n tòmátì náà ní in, bẹ́ẹ̀ náà ni olú, olú gbígbẹ tiẹ̀ ní èròjà mìíràn tó máa ń mú kí ti àkọ́kọ́ yìí dún sókè sí i lẹ́nu. Màmá kò dárúkọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí n dín tòmátì yẹn dúdú sí i." Ó da tòmátì àpòpọ̀ sínú òróró, ó ń rò ó títí pípọ́n rẹ̀ fi di àwọ̀ bíríkì, ó wá fi omi tí wọ́n rẹ olú gbígbẹ sí tú u ká, ó jẹ́ kó hó títí ó fi ki. Nígbà tí a tún tọ́ ọ wò, ohun tó lọ ti padà. Oúnjẹ náà tiẹ̀ sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú tèmi.

Ẹni tó bá ń kọ ìkéde fún oúnjẹ aláìlẹ́ran gbọ́dọ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yìí, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn èèyàn yóò gbà gbọ́ jẹun. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni omi ẹran tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, òróró ìdín, wàràkàṣì, àti àwọn ọbẹ̀ inú ìgò, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tí ẹja wà nínú wọn láìjẹ́ pé ó hàn lójú.

Mo padà sílé, mo kọ èyí:

"Olú ń ké ṣàà lórí iná, ó ń ta pá-pá-pá, ó gan, ó ń dún karakara, ẹ̀wà múlọ́múlọ́ kúná lábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ ta sánsán, omi rẹ̀ ń kán tó-tó-tó!"

Mo kà á sókè, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú mi dùn sí i fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á sí ọ̀gá létí, ó ní, "Ìlù lò ń lù. Oúnjẹ dà?" Òótọ́ ló sọ. Èdè wa ní àwọn ọ̀rọ̀ ìró tó lè gbé oúnjẹ wọ etí èèyàn, kí ó sì tibẹ̀ wọ ẹnu; "karakara" nìkan ti tó láti mú eyín ẹni jí. Ṣùgbọ́n tí mẹ́fà bá tẹ̀ léra, wọn a bo ara wọn mọ́lẹ̀. Mo pinnu láti mú méjì péré. "Karakara" jẹ́ ti olú, nítorí òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnu pàdé. "Múlọ́múlọ́" jẹ́ ti ẹ̀wà, nítorí ó kọjú sí ti àkọ́kọ́, ọ̀kan ń jẹ́ kí èkejì hàn. Gbogbo ìyókù, mo yọ wọ́n.

Ohun tí mo wá fi dípò wọn ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Ohun tí ọwọ́ Màmá ṣe ni mo kọ: tẹ̀, sun, lọ̀, dín. Ẹni tó bá ka "a fi irin tẹ olú mọ́ páànù" ti rí i, kò sì nílò kí n sọ fún un pé ó dùn. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú. Nínú ìwé oúnjẹ wọn, "Oúnjẹ Aláìlẹ́ran ti Olú" ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní ojú ewé ìkẹyìn fún ara rẹ̀, lábẹ́ àkọlé "Fún Àwọn Tí Kì Í Jẹ Ẹran." Ẹni tó ń jẹ ẹran kì í ṣí ibẹ̀, bí ẹni tí kò wọ bàtà 45 kì í dúró níbi tí wọ́n to bàtà 45 sí. Mo bẹ ọ̀gá kó gbé e sí àárín àwọn oúnjẹ ńlá yòókù, kí àmì ewé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó gbà.

Ní ti ibi tí a óò ti sọ pé kò sí ẹran, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi sí, ní ìlà tirẹ̀, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú. Kì í ṣe pé mo ń fi pamọ́. Ẹni tó ń wá ìlà yẹn máa ń wá a dé ìsàlẹ̀, ó sì fẹ́ kí ó ṣe kedere. Ẹni tí kò wá a, oúnjẹ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ pàdé. Mo sì dárúkọ bọ́tà níbẹ̀, torí àwọn kan kì í jẹ ohunkóhun tó bá wá láti ara ẹran, wàrà sì máa ń ṣe àwọn mìíràn ní jàǹbá.

Èyí tí a gbé jáde nìyí:

"OLÚ ÀTẸ̀SUN LÓRÍ Ẹ̀WÀ KÍKÚNÁ
A fi ọwọ́ ya olú, a fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù títí etí rẹ̀ fi pọ́n, tó ń dún karakara lábẹ́ eyín, tí àárín rẹ̀ sì kún fún omi. Ẹ̀wà funfun tí a lọ̀ pẹ̀lú ááyù ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, múlọ́múlọ́, ó ń gbóná. Tòmátì tí a dín dúdú, tí a fi omi olú gbígbẹ tú ká, ló yí i ká, àlùbọ́sà díndín wà lókè. Ẹ fún ọsàn kíkan sí i kí ẹ tó fi ṣíbí kàn án.
Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Bọ́tà wà nínú rẹ̀."

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìpínrọ̀ yẹn, èyí tó ní kí ẹ fún ọsàn sí i, Màmá ló ni ín. Ó sọ fún mi nígbà tí mo ń jẹun lọ́jọ́ yẹn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé tí èèyàn bá kà pé kí òun fún ọsàn kíkan sí nǹkan, itọ́ á ti dà lẹ́nu rẹ̀ kó tó parí ìlà náà. Ẹ fi ara yín dán an wò: ẹ ro ọsàn kíkan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí méjì, tí omi rẹ̀ ń kán sórí ohun gbígbóná.

A tún àwòrán yà. Ti àkọ́kọ́, òkè ni wọ́n ti yà á, gbogbo nǹkan sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí, a sún mọ́ etí olú, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, láàárín ìṣẹ́jú méjì tí ó kúrò lórí iná.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá pèsè ìwọ̀n àwo 20 fún ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó tán kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ mi nìkan ló ṣe é, nítorí ohun mẹ́ta la yí padà pọ̀: ìkéde, àwòrán, àti ibi tí orúkọ náà wà nínú ìwé oúnjẹ. Tòmátì tó sàn sí i náà tún wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni ohun tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ sọ: àwọn oníbàárà ò bi wọ́n mọ́ pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni, "Ẹ fún mi ní olú tí ẹ fi irin tẹ̀ yẹn."

Lọ́jọ́ Ajé, ìkéde náà já mi kulẹ̀ ní ibì kan. Obìnrin kan gbé oúnjẹ náà lọ sílé, ó sì pè wọ́n pé karakara tí òun kà kò sí níbẹ̀, pé olú náà rọ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n bu àwo kan sínú ike ìgbóúnjẹ, kí wọ́n dé e. Mo jókòó tì í. Mo ṣí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún, etí rẹ̀ ṣì gan díẹ̀. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru tó ń gòkè láti ara ẹ̀wà ti di omi lábẹ́ ìdérí, ó sì ti kán padà sórí olú. Mo bù ú jẹ. Ó ṣì dùn, ṣùgbọ́n kò dún. Obìnrin yẹn kò purọ́. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ nínú ilé oúnjẹ, tó sì di irọ́ ní ojú ọ̀nà.

Mo pe obìnrin náà fúnra mi, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, a jọ ronú sí i ní ilé ìdáná. Màmá mú ike tó ní ojú méjì, ó bu ẹ̀wà àti tòmátì sí ọ̀kan, ó to olú sí èkejì láìdé e pa, ó sì fi àlùbọ́sà díndín sínú bébà, ó ká a. A ṣe ìkéde ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń gbé e lọ sílé. Mo yọ "karakara" kúrò nínú àpèjúwe náà, mo sì kọ ìlà kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ike báyìí:

"Ẹ gbé páànù kaná láìda òróró sí i. Tó bá gbóná, ẹ da olú sí i, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú méjì. Tí ẹ bá ti gbọ́ tó ń ta pá-pá-pá, ó ti ṣe tán."